Nígbà tí Ìdánwò bá ti Jò: Gbígbé Èsì Ẹ̀rọ Akẹ́kọ̀ọ́ Yẹ̀ Wò nínú Iṣẹ́ Fífi Àmì Ohùn Padà Sórí Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí òǹkàwé ṣe lè gbé àbá inú àpilẹ̀kọ ìwádìí lórí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ yẹ̀ wò nígbà tí ìfura bá wà pé dátà ìdánwò ti wọ inú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ fífi àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, pẹ̀lú Bíbélì gẹ́gẹ́ bí orísun dátà, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Àlàyé náà fi hàn pé kò tó kí a béèrè bóyá dátà jò tàbí kò jò. Ohun tí ó yẹ kí a wá ni èsì ẹ̀rọ náà lórí apá ìdánwò tí kò jò, ohun tí a ó fi mọ̀ bóyá apá méjèèjì le bákan náà, àti irú àbá tí èsì tí ó ṣẹ́ kù lè gbè lẹ́yìn.

Ìfáárà

Nígbà tí olùwádìí bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ òun gba máàkì 82 nínú 100, kì í ṣe àwọn gbólóhùn tí ó fi dán an wò nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ bá. Ohun tí ó fẹ́ kí òǹkàwé gbà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé gbólóhùn mìíràn tí ẹ̀rọ náà kò rí rí síwájú rẹ̀, yóò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Orí ìlérí yìí ni iyì ìdánwò dúró lé. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń pín dátà wọn sí ọ̀nà méjì: dátà ìkẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ iṣẹ́, àti dátà ìdánwò, èyí tí wọ́n pa mọ́ títí iṣẹ́ kíkọ́ yóò fi parí. Bí gbólóhùn ìdánwò bá ti wà nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ lè dáhùn láti inú ohun tí ó há sórí, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbéèrè ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Máàkì rẹ̀ yóò ga, ṣùgbọ́n ìlérí tí máàkì ń ṣojú fún ti yẹ̀.

Nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà lórí ayélujára ni wọn kò fi àmì sí. Bí ènìyàn bá rí *owo* láìní àmì, ó lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀ tàbí ọ̀wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn olùwádìí ti ń kọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ padà sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà wúlò. Ilé ìkàwé tí ó ní ẹ̀dà *Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá*, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, lè fẹ́ kí ẹ̀rọ fi àmì òde òní sí i kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ilé ìkàwé náà bá gbẹ́kẹ̀ lé máàkì tí kì í ṣe òótọ́, àṣìṣe yóò wọ inú àkójọ, wọn yóò sì máa tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó bá rí *ọ̀wọ̀* níbi tí òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ti kọ *òwò* kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn ẹsẹ ìbejì inú Bíbélì

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní iṣẹ́ yìí nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn tí wọ́n ti fi àmì sí dáadáa. Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ yà sí, nítorí ó gùn, ó wà lórí ayélujára, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà sí ẹsẹ rẹ̀. Ẹsẹ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 31,000. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti pín in ni kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké lórí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ìdá 90 nínú 100 lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ìdá 10 lọ sí ìdánwò. Ẹsẹ kan kò lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó, kò sí ibi tí omi lè gbà jò.

Ṣùgbọ́n Bíbélì kì í ṣe ìwé tí gbólóhùn rẹ̀ ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orin Dáfídì 14 àti 53 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin kan náà. Orin Dáfídì 18 wà nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 22. Orin Dáfídì 108 jẹ́ àkópọ̀ ìparí orin 57 àti ìparí orin 60. Ìtàn Hesekáyà àti ọba Asíríà tí ó wà ní Àwọn Ọba Kejì orí 18 sí 20 ni ó tún jáde nínú Àìsáyà orí 36 sí 39, tí ọ̀pọ̀ gbólóhùn sì bára mu. Orúkọ àwọn tí ó padà láti ìgbèkùn wà nínú Ẹ́sírà orí 2 àti Nehemáyà orí 7. Púpọ̀ nínú ìwé Kíróníkà ni wọ́n mú láti inú ìwé Sámúẹ́lì àti ti Àwọn Ọba. Ohun tí Máàkù sọ ni Mátíù àti Lúùkù tún sọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Yàtọ̀ sí èyí, gbólóhùn tí ó máa ń ṣíde òfin nínú ìwé Ẹ́kísódù, Léfítíkù àti Númérì, èyí tí ó ń sọ pé Ọlọ́run bá Mósè sọ̀rọ̀, wáyé lọ́pọ̀ ìgbà láìyí padà.

Kí a pe irú àwọn ẹsẹ yìí ní ẹsẹ ìbejì. Bí ẹsẹ kan bá bọ́ sí ìdánwò, tí ìkejì rẹ̀ sì wà níbìkan nínú Bíbélì, ìṣirò náà kò le: nítorí pé kèké gbé ìdá 90 nínú 100 lọ sí ìkẹ́kọ̀ọ́, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ ni ìkejì rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Bí gbólóhùn náà bá wáyé nígbà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó kéré tán ẹ̀dà rẹ̀ kan ti bọ́ sí ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó rú òfin ìwádìí kankan. Kèké tí wọ́n ṣẹ́ láìṣègbè gan-an ni ó fa jíjò náà.

Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tí òǹkàwé yóò wá nínú àpilẹ̀kọ fi jẹ́ ìpínrọ̀ tí olùwádìí ti sọ bí ó ṣe pín dátà. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun ṣẹ́ kèké lórí ẹsẹ, ìfura ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pín in ní ìwé-ìwé, tí ó fi odidi Àìsáyà sí ìdánwò, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n Àwọn Ọba Kejì ṣì wà nínú ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí ó yè kooro ni kí ó kọ́kọ́ wá àwọn ìbejì rí, kí ó dì wọ́n pọ̀ ní ìdì-ìdì, kí ó tó wá ṣẹ́ kèké lórí ìdì, kí ìbejì má baà pínyà. Ohun tí a sọ yìí kò mọ sí Bíbélì. Ẹni tí ó bá kó ẹsẹ Ifá tàbí oríkì jọ yóò bá ìbejì pàdé ní ìlọ́po, nítorí pé àwítúnwí jẹ́ ara ohun tí a fi dá irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wíwá ìbejì rí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ni yóò sọ pé àwọn ti yẹ dátà wò, àwọn kò sì rí gbólóhùn kankan tí ó wáyé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí dátà bá jẹ́ Yorùbá, ó yẹ kí òǹkàwé béèrè bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà kì í wo ojú lẹ́tà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ni ó ń wò. Lẹ́tà ẹ́, fún àpẹẹrẹ, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odidi. Ẹnìkan lè kọ ọ́ ní `U+1EB9` tẹ̀lé `U+0301`, ẹlòmíràn lè kọ ọ́ ní `U+0065` tẹ̀lé `U+0323` àti `U+0301`, ẹnìkẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti `U+00E9` kí ó fi `U+0323` sí i. Lójú ènìyàn, ẹ́ ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹsẹ méjì tí ó jọra délẹ̀, tí wọ́n wá láti ojú ewé ayélujára méjì, lè tipa báyìí gba abẹ́ ojú olùyẹ̀wò kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀dà kan bá ní àmì ohùn pípé tí èkejì sì ní àmì ìsàlẹ̀ nìkan.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ kí a tó fi wọ́n wéra, kí a sì fi ègé wé ègé dípò odidi gbólóhùn, nítorí pé ìbejì lè yàtọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ìlà àṣẹ díẹ̀ ni ó ń ṣe é:

```python
import re, unicodedata

def bo_ami(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.lower())
    s = "".join(c for c in s if not unicodedata.combining(c))
    return re.findall(r"[a-z]+", s)

def ege(s, n=8):
    w = bo_ami(s)
    return {tuple(w[i:i+n]) for i in range(len(w) - n + 1)}
```

`bo_ami` tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ju àmì nù. `ege` gé gbólóhùn sí ègé ọ̀rọ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ tí ó tẹ̀lé ara wọn. Bí ègé kan nínú gbólóhùn ìdánwò bá wà nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́, a ó fi gbólóhùn náà sí apá tí a fura sí.

Ọ̀nà yìí ní ààlà tirẹ̀. Gbólóhùn tí kò tó ọ̀rọ̀ mẹ́jọ kò ní ègé kankan, nítorí náà yóò dàbí ẹni tí kò jò rárá. Odidi rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi wéra. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, àwọn wúnrẹ̀n bí *ni*, *tí*, *sì* àti *ń* sì máa ń dá dúró, èyí tí ó mú kí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lè kọjá láìgbé ìtumọ̀ púpọ̀. Gbólóhùn méjì lè pàdé nínú irú ègé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ ìbejì. Ẹni tí ó bá lo ègé kúkúrú yóò fura sí aláìṣẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ègé gígùn yóò jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Ó yẹ kí olùwádìí sọ iye ọ̀rọ̀ tí ó lò, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ ka díẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ mú.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kan

Kí a wá fi ojú inú wo àpilẹ̀kọ kan, tí a dá sílẹ̀ fún àlàyé nìkan. Olùwádìí inú rẹ̀ fi gbólóhùn 1,000 dán ẹ̀rọ tuntun wò. Gbólóhùn tí gbogbo àmì rẹ̀ bá tọ̀nà pátá nìkan ni ó ka sí èyí tí ẹ̀rọ gbà. Ẹ̀rọ náà gba 820, ìyẹn 82 nínú 100. Ó fi ọ̀nà àtijọ́ kan wé e, èyí tí a lè pè ní ọ̀nà kíka-iye: fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò ní àmì, ọ̀nà yìí yóò mú ìrísí tí ó wáyé jù nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́, láìwo ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀nà kíka-iye gba 700. Olùwádìí wá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ òun fi máàkì 12 ju ọ̀nà àtijọ́ lọ.

Òǹkàwé kan gba dátà náà, ó gé e sí ègé bí a ti ṣàlàyé, ó sì rí i pé 400 nínú gbólóhùn ìdánwò ní ìbejì nínú ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó pín èsì sí méjì. Lórí 400 tí ó jò, ẹ̀rọ tuntun gba 388, ìyẹn 97 nínú 100. Lórí 600 tí kò jò, ó gba 432, ìyẹn 72 nínú 100. Ọ̀nà kíka-iye gba 280 lórí 400, ó sì gba 420 lórí 600: ní apá méjèèjì, 70 nínú 100 ni.

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò yìí kọ́ wa. Èkíní, ìyàtọ̀ máàkì 12 ti di máàkì 2 lórí gbólóhùn tí ẹ̀rọ kò rí rí, ìyẹn gbólóhùn 12 péré nínú 600. Nínú ìdánwò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, oríire lásán lè ti èsì tí ó wà ní 72 sókè tàbí sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi máàkì 3 sí 4. Kí olùwádìí tó lè sọ pé ẹ̀rọ òun borí, ó gbọ́dọ̀ to àwọn gbólóhùn tí ọ̀kan gbà tí èkejì kùnà jọ, kí ó sì fi hàn pé ìyàtọ̀ wọn ju ohun tí oríire lè ṣe lọ.

Èkejì, jíjò kò gbè gbogbo ọ̀nà bákan náà. Ọ̀nà kíka-iye ń wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ibi tí ó lè há odidi gbólóhùn sí. Ẹ̀rọ tuntun ní àyè láti há a sórí. Nítorí náà, àwáwí tí a sábà máa ń gbọ́, pé dátà kan náà ni gbogbo ọ̀nà lò, pé bí ó bá jò, ó jò fún gbogbo wọn, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá ti lágbára láti há nǹkan sórí tó ni jíjò yóò ṣe gbè é tó.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ẹnìkan lè wí pé bóyá àwọn gbólóhùn tí ó ní ìbejì rọrùn ju àwọn yòókù lọ ni, pé gbólóhùn àwítúnwí máa ń kúrú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wọ́pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, 97 kò ní túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ há ohunkóhun sórí. Ọ̀nà kíka-iye ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀nà tí kò lè há gbólóhùn sórí gba 70 ní apá méjèèjì, èyí tí ó fi hàn pé kò sí apá tí ó rọrùn ju èkejì lọ fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, àlàyé tí ó lágbára jù fún bí ẹ̀rọ tuntun ṣe já láti 97 sí 72 ni ohun tí ó há sórí. Bí ọ̀nà kíka-iye náà bá ti já láti 90 sí 65, ẹjọ́ náà ì bá yí padà.

Ìjábọ̀ kan náà, ìdí méjì: àpẹẹrẹ GPT-3

Kì í ṣe inú iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni irú ẹjọ́ yìí ti ń wáyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí ẹ̀rọ èdè tí wọ́n pè ní GPT-3. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ pọ̀ débi pé ó kó apá ńlá ayélujára mọ́ra, ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n sì fẹ́ fi dán an wò wà lórí ayélujára kan náà. Wọ́n gbìyànjú láti yọ ìdánwò kúrò nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà wọn mú kí ó yọ díẹ̀, kí díẹ̀ sì kù. Owó tí yóò ná wọn láti tún ẹ̀rọ náà kọ́ pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì pín ìdánwò kọ̀ọ̀kan sí apá tí a fura sí àti apá mímọ́, pẹ̀lú ègé tí gígùn rẹ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀ 8 sí 13.

Méjì nínú àwọn ìdánwò náà yẹ ní fífi wéra. Ìdánwò Winograd ń béèrè ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ inú gbólóhùn ń tọ́ka sí. Ìdá 45 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n fura sí. Lórí apá mímọ́, èsì ẹ̀rọ já wálẹ̀ ní máàkì 2.6. Ìdánwò PIQA ń béèrè bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ojoojúmọ́. Ìdá 29 ni wọ́n fura sí. Èsì já wálẹ̀ ní máàkì 3. Bí òǹkàwé bá wo nọ́ńbà nìkan, yóò sọ pé ọ̀ràn méjèèjì dọ́gba, bóyá ti PIQA tilẹ̀ burú díẹ̀ sí i.

Àwọn olùwádìí náà kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi ojú ara wọn ka àwọn ìbéèrè Winograd tí wọ́n fura sí, wọ́n sì rí i pé 132 nínú wọn wà nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà tí wọ́n fi kọ wọ́n yàtọ̀. Ti PIQA kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ jọ tán ni ìdánwò náà jáde, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́. Ohun tí ó wà nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni díẹ̀ nínú ojú ewé ayélujára tí àwọn tí ó kọ ìbéèrè ti wo. Wọ́n wá yẹ ẹ̀rọ mìíràn wò tí ó kéré jù GPT-3 lọ ní ìlọ́po 25, tí agbára rẹ̀ láti há nǹkan sórí sì kéré gan-an. Irú ìjábọ̀ kan náà ni wọ́n rí. Bí ohun tí a há sórí bá ni ó fà á, kò yẹ kí ẹ̀rọ kékeré já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fura pé àwọn ìbéèrè tí a mú láti ojú ewé wọ̀nyẹn ni ó rọrùn ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀ wọ́n gbà pé àwọn kò lè fi ẹ̀rí ìdánilójú gbe èyí lẹ́yìn, wọ́n sì fi àmì ìràwọ̀ sí èsì ìdánwò méjèèjì.

Òǹkàwé yóò ti rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ kékeré yìí ṣe pẹ̀lú ọ̀nà kíka-iye nínú àpẹẹrẹ ti ìṣáájú. Àwọn méjèèjì jẹ́ òṣùwọ̀n tí kò lè há nǹkan sórí tó. Bí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá dúró gbọin, ti ẹ̀rọ ńlá sì já, ìkàsórí ni a ó fura sí. Bí àwọn méjèèjì bá jọ já, ìdánwò fúnra rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Àpilẹ̀kọ tí ó bá sọ ìjábọ̀ láìsí òṣùwọ̀n kò tíì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a kò bá lè rí dátà ìkẹ́kọ̀ọ́

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ gbà pé òǹkàwé lè rí dátà ìkẹ́kọ̀ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí i. Ẹnìkan lè mú ẹ̀rọ ńlá tí ilé-iṣẹ́ kan ti fi ọ̀rọ̀ ayélujára kọ́, kí ó fi gbólóhùn Yorùbá díẹ̀ kọ́ ọ sí i, kí ó sì dán an wò. Ó lè pín gbólóhùn tirẹ̀ láìní àbùkù, síbẹ̀ kí Bíbélì tí ó fi ṣe ìdánwò ti wọ inú ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ tí ó ti wá. Ìdánwò ìtumọ̀ FLORES-101, tí Yorùbá wà lára èdè rẹ̀, ní irú ìṣòro yìí. Ara ojú ewé Wikimedia tí gbogbo ayé lè rí ni wọ́n ti mú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, láti 2021 ni apá méjì rẹ̀, gbólóhùn 997 àti 1,012, sì ti wà fún ẹnikẹ́ni láti gbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ayélujára kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà lè ti bá a pàdé.

Ọ̀nà tí ó kù ni kí a ṣe ìdánwò tuntun láti inú ọ̀rọ̀ tí kò sí lórí ayélujára nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kọ, tàbí ìwé àfọwọ́kọ tí a kò tẹ̀ jáde rí. Bí èsì bá já láti ti àtijọ́ sí tuntun, ó yẹ kí a tún ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò rí bí ọ̀rọ̀ Bíbélì; ẹ̀rọ lè já nítorí pé èdè ibẹ̀ ṣàjèjì sí i, kì í ṣe nítorí pé ó ti há ti àtijọ́ sórí. Òṣùwọ̀n kan náà ni yóò la ọ̀ràn náà: kí ọ̀nà kíka-iye náà ṣe ìdánwò méjèèjì, kí a wo bí òun náà ṣe já tó.

Ohun tí èsì ṣì lè gbè lẹ́yìn

Bí jíjò bá ti fara hàn, kò tọ́ kí òǹkàwé da gbogbo àpilẹ̀kọ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ó gbà á bí ó ṣe wà. Ó yẹ kí ó ya àwọn àbá inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àbá pé ẹ̀rọ gba 82 ti ṣubú. 72 ni a lè kọ sílẹ̀. Àbá pé ó sàn ju ọ̀nà àtijọ́ lọ kò tíì ṣubú, ṣùgbọ́n kò tíì dúró. Ó ń dúró de ìdánwò tí ó tóbi jù 600 lọ. Àbá kẹta, èyí tí wọn kì í sábà kọ jáde ṣùgbọ́n tí ilé ìkàwé yóò gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ni pé ẹ̀rọ náà lè fi àmì sí ìwé ìròyìn 1859. Àbá yìí kò ní ẹ̀rí kankan, bí dátà kò tilẹ̀ jò rárá. Ẹsẹ Bíbélì tí ó mọ́ tónítóní ṣì jẹ́ ẹsẹ Bíbélì. Kí ilé ìkàwé tó gbé iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí ó mú gbólóhùn bí igba láti inú ìwé ìròyìn náà gan-an, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè fi àmì sí i pẹ̀lú ọwọ́, kí a sì fi ti ẹ̀rọ wé e.

Àgbálọgbábọ̀

Òǹkàwé tí ó bá gba irú àpilẹ̀kọ yìí láti ṣàyẹ̀wò lè fi ìbéèrè mẹ́rin ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kọ ọ́. Báwo ni wọ́n ṣe pín dátà, ìbejì ha wà papọ̀ bí? Wọ́n ha bọ́ àmì kúrò kí wọ́n tó wá ìbejì bí, ègé ọ̀rọ̀ mélòó sì ni wọ́n lò? Kí ni èsì lórí apá mímọ́ nìkan, pẹ̀lú iye gbólóhùn tí ó wà níbẹ̀? Kí ni èsì ọ̀nà tí kò lè há gbólóhùn sórí ní apá méjèèjì? Olùwádìí tí ó ní dátà rẹ̀ lọ́wọ́ lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, láìtún ẹ̀rọ kọ́. Bí kò bá lè dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ títí yóò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.